Richard Wyckoff: Ọmọ iṣẹ́ Wall Street tó kọ́ àwọn èèyàn láti dá ìdẹkùn ọjà ìpín ìdókòwò mọ̀

Ọmọ ọdún 15 ni Richard Demille Wyckoff nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò nílùú New York. Ó jáde láyé lọ́dún 1934. Lára ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lé lórí nìyí: kí ló dé tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀rù bá ti mú kí mẹ̀kúnnù ta ìpín rẹ̀ tán ni ọjà máa ń gbéra sókè?

Ta ni Richard Wyckoff?

Ọdún 1873 ni wọ́n bí i lórílẹ̀èdè Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi dá ilé iṣẹ́ alágbàtà tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1907, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn olùdókòwò, nígbà tó sì di 1910, ó fi orúkọ ìnagijẹ Rollo Tape tẹ ìwé jáde nípa bí wọ́n ṣe ń ka ìṣesí ọjà.

Ó tún kọ àpilẹ̀kọ láti tú àṣírí àwọn oníjìbìtì tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà bí ẹni pé wọ́n ń bá a ra ìpín, ṣùgbọ́n tí wọn kì í rà á rárá. Lọ́dún 1931, ó kó gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ jọ sínú ẹ̀kọ́ kan.

Kí ni ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Wyckoff ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo ọjà bí ẹni pé ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ yìí kò lè ra ìpín rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iye owó yóò fò sókè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ńṣe ló máa ń rà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọjà bá ti wálẹ̀ tó sì dúró sójú kan. Èyí ni ìgbà ìkójọ. Bí iye owó bá ti lọ sókè tán, yóò máa tà á díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń sáré wọlé. Èyí ni ìgbà ìpínká.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ìdẹkùn náà mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ìpín kan já láti dọ́là 80 sí 40, ẹ̀rù sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tà á lọ́jọ́ kan náà. Ó tún gòkè dé 50, lẹ́yìn náà ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 40 àti 50 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. 40 ti di ilẹ̀, 50 sì di àjà.

Lójijì, ó já ilẹ̀ náà, ó dé 38. Àwọn tó ti ń fara dà á tẹ́lẹ̀ tà á kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó palẹ̀mọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti padà sí 41. Ìjálulẹ̀ tó padà sókè yìí ni àwọn tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Wyckoff lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ di gbajúmọ̀ lábẹ́ orúkọ sípíríǹgì. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Síbẹ̀, ìpadàbọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó yẹ kí èèyàn dúró kí iye owó tún sún mọ́ 40 lẹ́ẹ̀kejì. Bí iye ìpín tí wọ́n ń tà lásìkò náà bá kéré gan-an, tí kò sì dé 38 mọ́, ó fi hàn pé àwọn tó fẹ́ tà ti tán. Bí ó bá wá la 50 kọjá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ olùrà, ìkójọ ti parí.

Lásìkò ìpínká, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Iye owó yóò yọ orí ju àjà lọ, àwọn èèyàn yóò sáré rà á, yóò sì padà sísàlẹ̀ àjà náà. Èyí ni wọ́n ń pè ní ọ́pútírọ́ọ̀sì. Bí ó bá tún gbìyànjú láti gòkè tí agbára rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tà ti borí.

Ibo ni ẹ̀kọ́ náà kù sí?

Bí iye owó bá já ilẹ̀ tí kò sì padà, tí títà sì ń pọ̀ sí i, kì í ṣe sípíríǹgì, ọjà ń já lọ ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó rà á fi gbọ́dọ̀ ṣe tán láti jáde bí ó bá tún wá sísàlẹ̀ 38. Bákan náà, ìkójọ àti ìpínká jọra lójú nígbà tí ọjà bá dúró sójú kan, ó sì lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn nìkan ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Nínú ọjà pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ojúkò kan tó ń ka gbogbo òwò tó wáyé, nítorí náà ẹ̀rí nípa iye títà àti rírà kì í pé.

Lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni Wyckoff kú. Lóde òní, àwọn olùdókòwò ṣì ń wá ilẹ̀, àjà àti ìjálulẹ̀ tó padà sókè lórí àwòrán iye owó.